Ìkìlọ̀: Nẹ́ẹ̀tì tó bá ń rùn bí ọ̀tapiápiá, ẹ má rà á

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin abiyamọ pàápàá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn fún àwọn tó ń fi bárò kiri. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo ra méjì lọ́jà kan n'Íbàdàn fún àbúrò mi obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin tó tà á ní, "Mọ́mì, olóògùn ni o, ọdún mẹ́ta lẹ máa lò ó." Bí mo ṣe tú ọ̀rá rẹ̀, òórùn kan gbá mi nímú. Mo bi í pé kí ló ń rùn báyìí. Ó ní bí òògùn inú rẹ̀ ṣe le tó nìyẹn. Mo gbà á gbọ́, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Alẹ́ ọjọ́ tí a so ó, ojú ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi, ó ń sín léraléra, orí sì ń fọ́ ìyá rẹ̀. A tú u lóru ọjọ́ náà, a sá a sórí okùn lẹ́yìnkùlé, a sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn nígbà tí ilẹ̀ mọ́. A dúpẹ́, ara rẹ̀ ti yá. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, nẹ́ẹ̀tì yẹn kò rùn mọ́ rárá, ẹ̀fọn sì ń bà lé e bí ẹni bà lé aṣọ lásán.

Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń ra nẹ́ẹ̀tì lásán, wọ́n á rì í bọ omi ọ̀tapiápiá, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á sì dì í sínú ọ̀rá. Díkulọ́fọ́ọ̀sì ló wà nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀. Ó máa ń tètè fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ń rùn, ìdí nìyẹn náà tí agbára rẹ̀ fi ń tán láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó bá sùn sábẹ́ rẹ̀, májèlé ló ń fà símú mọ́jú. Láti ọdún 2019 ni NAFDAC ti fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ ní gbangba ọjà.

Nẹ́ẹ̀tì olóògùn gidi kì í rùn báyẹn. Dẹ́ltámẹ́tírìn tàbí pẹ́mẹ́tírìn ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó hun ún ló sì pò ó mọ́ òwú rẹ̀ tàbí kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ìyẹn ló jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ogún fífọ̀, fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ẹ yẹ ìṣẹ́tí rẹ̀ wò: àkọlé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n rán mọ́ ọn, orúkọ oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀ á wà lára rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà àti ìgbà tí wọ́n ṣe é. Èyí tí mo rà kò ní nǹkan kan níbẹ̀. Bébà tó wà nínú ọ̀rá nìkan ló pè é ní olóògùn.

Ẹ má fi ẹ̀fọn tó yè dájọ́ o. Ọ̀pọ̀ ẹ̀fọn wa nílẹ̀ yìí ni dẹ́ltámẹ́tírìn àti pẹ́mẹ́tírìn kò ràn mọ́, nítorí náà nẹ́ẹ̀tì gidi náà lè máà pa á. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń wá èyí tí wọ́n kọ oògùn kejì sí lára: píbíò, tó ń ba agbára tí ẹ̀fọn fi ń borí oògùn jẹ́, tàbí kulọfẹ́nápà, tó ń pa á lọ́nà mìíràn. Ọdún 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí èyí tó ní kulọfẹ́nápà.

Ọkùnrin yẹn tún fi ìgò ìpara kan kún un, ó ní ewé àti òróró ni, kí n fi pa ọmọ lára. Kò sí orúkọ oògùn kankan lára rẹ̀. Ìpara tó ń lé ẹ̀fọn gbọ́dọ̀ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀, bíi díìtì tàbí píkárídìn, ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, ẹ má fi èyíkéyìí pa á lára. Abẹ́ nẹ́ẹ̀tì ni kó wà.

Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti gbẹ̀bí àbúrò mi ló fún un ní òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́. A sá a síbi tí oòrùn kò dé fún ọjọ́ kan kí a tó so ó. Omi tútù àti ọṣẹ tí kò le la fi ń fọ irú ẹ̀, a kì í fi bílíìṣì sí i, abẹ́ òjìji náà la ti ń sá a. Èyí tí mo rà ṣì wà nínú àpò lẹ́yìnkùlé. Bí ẹ bá ti ra irú ẹ̀, ẹ má fọ̀ ọ́ sínú odò tàbí nítòsí kànga, ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni.