Àkópọ̀ Ìwé Gígùn: Ìfiwéra Irú Sọ́fúwia Mẹ́ta Kí Ẹ Tó Rà

Bí ẹ bá ń wá sọ́fúwia tí yóò bá yín ka ìwé tó sún mọ́ igba ojú ìwé, tí yóò sì sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún yín ní ojú ìwé méjì, ohun tí olùtajà máa kọ́kọ́ fi hàn yín ni bí àkópọ̀ rẹ̀ ṣe dùn ún kà tó. Ẹ má tíì torí ìyẹn sanwó. Kò sí èyí tí kò lè ṣàkópọ̀ ojú ìwé mẹ́wàá dáadáa nínú wọn. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra ni ìgbà tí wọ́n bá gé ìwé sí ègé ogún, tí wọ́n ṣàkópọ̀ ègé kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n wá fẹ́ da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan náà ti máa ń jáde lẹ́ẹ̀mẹta, níbẹ̀ náà sì ni ohun tó so ojú ìwé 12 mọ́ ojú ìwé 171 ti máa ń já.

Ẹnì kan lè bi wá pé kí ló dé tí a fi ń gé e rárá. Mọ́dẹ́lì èdè tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ìwọ̀n ohun tó lè kà lẹ́ẹ̀kan, tókìn ni wọ́n sì fi ń wọn ọ́n, ìyẹn àwọn ẹ̀là ọ̀rọ̀ kéékèèké tí mọ́dẹ́lì ń kà. Àwọn tó dé kẹ́yìn lè gba odindi ìwé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí fi hàn ní 2023 pé ohun tó wà láàárín ọ̀rọ̀ gígùn ni mọ́dẹ́lì máa ń gbójú fò jù, ju ohun tó wà níbẹ̀rẹ̀ àti òpin lọ. Ẹ tún rántí pé ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ní àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ sábà máa ń gba tókìn púpọ̀ ju bí ojú ìwé rẹ̀ ṣe rí lọ. Tí olùtajà bá sọ iye ojú ìwé tí ẹ̀rọ rẹ̀ lè kà, ẹ bi í léèrè iye tókìn.

Kí ìfiwéra yìí má bàa jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ẹ jẹ́ ká fi ìwé kan ṣoṣo dán irú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò. Ká ní ó jẹ́ ìwé àdéhùn iṣẹ́ ìkọ́lé, ojú ìwé 180, nǹkan bí ọ̀rọ̀ 60,000. A gé e sí ègé 20, ọ̀rọ̀ 3,000 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ojú ìwé mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Ní ojú ìwé 12, abala 4.2 sọ pé agbaṣẹ́ṣe gbọ́dọ̀ fi àléébù tó bá rí tó ẹni tó ni iṣẹ́ náà létí láàárín ọjọ́ 30. Ojú ìwé 58 sọ pé ẹni tó bá jẹ́ kí àkókò inú abala 4.2 kọjá ti pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti béèrè owó àfikún. Ojú ìwé 96 tún ọ̀rọ̀ ọjọ́ 30 yẹn sọ. Ojú ìwé 171, nínú Àfikún C, wá sọ pé fún iṣẹ́ abẹ́ ilẹ̀, ọjọ́ 45 ni kí a kà sí iye ọjọ́ inú abala 4.2.

Ohun tí ẹni tó ni ìwé yìí nílò kò ju gbólóhùn kan lọ: ọjọ́ 30 ni, ọjọ́ 45 bó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ́ ilẹ̀, ẹni tó bá sì pẹ́ ti sọ owó àfikún nù. Ibi mẹ́rin ni gbólóhùn yẹn ti wá, inú ègé 2, 7, 11 àti 19.

Irú kìíní: kí kálukú ka tirẹ̀, ká wá dà á pọ̀

Òun ló wọ́pọ̀ jù. Nínú ètò àwọn ohun èlò kan, ẹ máa rí i tí wọ́n kọ ọ́ sí `map_reduce`. Ègé kọ̀ọ̀kan ń bí àkópọ̀ bí ọ̀rọ̀ 300, ogún rẹ̀ di ọ̀rọ̀ 6,000, wọ́n á wá sọ ìyẹn di 800. Nítorí pé ègé kan kì í dúró de èkejì, gbogbo wọn lè lọ lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ á sì tètè parí.

Ẹ wá wo ègé 19. Ẹ̀rọ tó ń kà á kò rí abala 4.2 rí. Ó ka "iye ọjọ́ inú abala 4.2", kò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ pàtàkì ni, ó lè fò ó, tàbí kó kọ pé "àkókò kan di ọjọ́ 45 fún iṣẹ́ abẹ́ ilẹ̀". Ègé 7 náà kọ tirẹ̀: "ẹni tó bá pẹ́ kò ní gba owó àfikún". Kí ló pẹ́ ṣe? Kò sọ. Nígbà tí àwọn àkópọ̀ yìí bá dé ibi ìdàpọ̀, nọ́ńbà 4.2 tó so wọ́n pọ̀ ti bọ́ sọ́nà, kò sì sí bí ẹ̀rọ tó ń dà wọ́n pọ̀ ṣe lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ọjọ́ 30 nìkan ló máa dé láìfarapa, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì máa dé, láti ègé 2 àti ègé 11.

Olùtajà á sọ fún yín pé àwọn ti bójú tó o, pé àwọn ń jẹ́ kí ìparí ègé kan tún wà níbẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e. Ohun tó dáa ni, àmọ́ gbólóhùn tí ọ̀bẹ bá là sí méjì nìkan ló ń gbà là. Kò lè ran ọ̀rọ̀ tó fi ojú ìwé 159 jìnnà síra lọ́wọ́. Ó tún ń dá àtúnsọ tirẹ̀ sílẹ̀, torí bí ìdá mẹ́wàá ègé kọ̀ọ̀kan bá wọ inú èkejì, ọ̀rọ̀ 300 ni ẹ̀rọ á ṣàkópọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó ń wo àìsàn yìí sàn díẹ̀ ni kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ kó orúkọ àwọn abala àti ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ inú ìwé jọ, nǹkan bí ọ̀rọ̀ 200 sí 300, kó sì fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ègé kọ̀ọ̀kan. Nígbà náà, ègé 19 á mọ̀ pé 4.2 ni "Fífi àléébù tóni létí". Bí ẹ bá fẹ́ ra irú kìíní, ẹ má ra èyí tí kò ń ṣe báyìí.

Irú kejì: gbé àkópọ̀ dání lọ

Èyí ni wọ́n máa ń pè ní `refine`. Ẹ̀rọ ń ṣàkópọ̀ ègé 1, ó gbé e dání lọ sí ègé 2, ó tún un kọ, ó gbé ìyẹn dání lọ sí ègé 3, títí dé 20. Tó bá dé ojú ìwé 58, abala 4.2 ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lè so ìjìyà mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ kì í sì fi bẹ́ẹ̀ tún ara rẹ̀ sọ, torí ó ń rí ohun tó ti kọ tẹ́lẹ̀.

Wàhálà rẹ̀ ni pé ohun tó gbé dání kò gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀n kan lọ, ká sọ pé ọ̀rọ̀ 800. Gbogbo ègé tuntun ló ń ti àwọn ọ̀rọ̀ tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sẹ́yìn. Kó tó parí ègé 19, ó ti tún ọ̀rọ̀ ojú ìwé 12 kọ nígbà 17. "Láàárín ọjọ́ 30" á di "láàárín oṣù kan", á di "láìpẹ́", nígbà míì á kúkú pòórá. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé ẹ ka àkópọ̀ tó jáde, kí ẹ sì sàmì sí ojú ìwé tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ti wá. Bí púpọ̀ nínú wọn bá ti ìdá mẹ́ta ìkẹyìn ìwé wá, ẹ̀rọ náà ti gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún lọ́ra, torí ègé kan gbọ́dọ̀ parí kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba ààbọ̀ ìṣẹ́jú, ogún gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Síbẹ̀, fún ìtàn, tàbí ìwé ìròyìn ìpàdé tí ọ̀rọ̀ ti ń ti ara wọn yọ, òun ni mo máa yàn. Níbẹ̀, ìtòtẹ̀léra ọ̀rọ̀ ló ṣe pàtàkì ju nọ́ńbà lọ.

Irú kẹta: kókó tó ní àdírẹ́sì

Èyí kì í kọ àkópọ̀ ègé ní ìpínrọ̀. Kókó ọ̀rọ̀ ló ń yọ jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ibi tó ti wá àti ibi tó ń tọ́ka sí:

```
{"ege": 19, "oju_iwe": 171, "abala": "Àfikún C",
 "koko": "Iṣẹ́ abẹ́ ilẹ̀: ọjọ́ 45",
 "toka_si": ["4.2"]}
```

Nígbà ìdàpọ̀, gbogbo kókó tó ti abala 4.2 wá àti gbogbo èyí tó ń tọ́ka sí i á bọ́ sójú kan, láìka bí wọ́n ṣe jìnnà síra nínú ìwé sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á tó kọ gbólóhùn. Fún ìwé àdéhùn, òfin àti ìròyìn ìwádìí, èmi kò mọ èyí tó dáa tó o.

Ṣùgbọ́n ẹ bi olùtajà bí ó ṣe ń yọ àtúnsọ kúrò, torí ibẹ̀ ni ó ti lè ba iṣẹ́ rere yìí jẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ń sọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan di ọ̀wọ́ nọ́ńbà, wọ́n ń wọn bí méjì ṣe jọra tó, wọ́n á sì pa ọ̀kan rẹ́ bí ìjọra náà bá kọjá ìwọ̀n kan, bíi 0.9. Ẹ wo "ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ láàárín ọjọ́ 30" àti "ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ láàárín ọjọ́ 45". Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ̀rọ sì lè kà wọ́n sí ìbejì, kó pa ọjọ́ 45 rẹ́. "Gbọ́dọ̀" àti "kò gbọ́dọ̀" náà wà nínú ewu yìí. Èyí tó mọṣẹ́ máa ń fi nọ́ńbà, orúkọ, ọ̀rọ̀ ìyísódì àti ọ̀rọ̀ "bí" wéra kó tó pa ohunkóhun rẹ́. Bí ọ̀rọ̀ méjì bá sì jẹ́ ọ̀kan náà lóòótọ́, á kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, á sì fi ojú ìwé méjèèjì sí i: 12, 96.

Àbùkù rẹ̀ ni pé àkópọ̀ rẹ̀ máa ń gbẹ, kò dùn ún kà bíi ti irú kejì, ó sì ń ná tókìn jù.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ má lo ìwé tí olùtajà gbé wá. Ẹ mú ìwé gígùn tiyín, kí ẹ fi irú gbólóhùn mẹ́rin òkè yìí sí ibi mẹ́rin tó jìnnà síra nínú rẹ̀. Ohun mẹ́ta lẹ máa wá nínú àbájáde: ṣé ọjọ́ 30 jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣé ọjọ́ 45 dúró tì í, ṣé ìjìyà so mọ́ àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé gbólóhùn ọjọ́ 45 kúrò lẹ́yìn ìwé lọ sí àárín, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ̀rọ tó bá yege lẹ́ẹ̀kíní, tó wá kùnà lẹ́ẹ̀kejì, ipò ọ̀rọ̀ ló gbè é, kì í ṣe pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń so ó pọ̀.

Ẹ fi àtẹ gígùn kan sí i náà. Bí ọ̀bẹ bá gba àárín àtẹ kọjá, àwọn ìlà tó bọ́ sí ègé kejì á di nọ́ńbà tí kò ní àkọlé, ẹ̀rọ á sì fi wọ́n sábẹ́ ohun tí kì í ṣe tiwọn. Èyí tó ń gé ìwé níbi tí abala parí, tó sì ń tún àkọlé àtẹ kọ sórí ègé tuntun, kò ní ní ìṣòro yìí.

Ìbéèrè tó kù kan owó ọjọ́ iwájú. Bí wọ́n bá tún ojú ìwé 96 nìkan kọ lọ́la, irú kẹta á tún ègé 11 kà, á sì tún ìdàpọ̀ àwọn kókó tó bá kàn án ṣe. Irú kìíní á tún ègé 11 kà, á sì tún gbogbo ìdàpọ̀ ṣe. Irú kejì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ègé 11, kó tún gbogbo rẹ̀ kà dé 20. Bí ìwé yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń tún ṣe lóṣooṣù, ẹ ka iye ìyẹn mọ́ owó tí olùtajà bá dá lé e.