Àgbéyẹ̀wò: Ìkéde pọ́ìntì tí ilé ìtajà kan tún kọ ní Àkúrẹ́

Ilé ìtajà ńlá tí mo ti máa ń rajà ní Àkúrẹ́ ti tún ìkéde pọ́ìntì wọn kọ, ìyẹn àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí fóònù àwọn oníbàárà. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó tún un kọ ò dára. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí ìkéde náà dára gan-an, ó yẹ kí ẹni tó ń kó pọ́ìntì mọ ìdí rẹ̀.

Òfin wọn ò yí padà rárá. Ẹ ra ọjà ₦100, ẹ gba pọ́ìntì kan. Pọ́ìntì kan jẹ́ náírà kan. Ó di ìgbà tó bá pé 500 kí wọ́n tó gbà kí ẹ fi rajà. Èyí tí ẹ bá kó láti Oṣù Kìn-ín-ní títí dé òpin Oṣù Kẹfà, ẹ gbọ́dọ̀ ná an kí Oṣù Keje tó parí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó jóná.

Nínú ìkéde ti tẹ́lẹ̀, ìkíni ló gba ìbẹ̀rẹ̀, ìyìn tẹ̀ lé e, wọ́n wá sọ pé "èrè ńlá ń dúró dè yín". Àárín ni 500 wà. Ìparí pátápátá ni wọ́n ti kọ ọ́ pé "pọ́ìntì wà fún oṣù mẹ́fà". Oṣù mẹ́fà láti ìgbà wo? Láti ọjọ́ tí ẹ ra ọjà ni àbí láti ọjọ́ tí ẹ gba káàdì? Ẹni kan lè gbà pé níwọ̀n ìgbà tí òun bá ṣì ń rajà, kò lè jóná láéláé.

Bí ìyá kan tó wà níwájú mi níbi ìsanwó ṣe gbà á nìyẹn. Oṣù Kẹjọ ni. Ó ní kí wọ́n yọ pọ́ìntì òun kúrò nínú owó ọjà, ọmọbìnrin tó ń gbowó sì ní, "Mà, èyí tí ẹ kó tẹ́lẹ̀ ti jóná. 70 péré ló kù." Ìyá náà ní, "Jóná báwo? Ṣé mi ò wá síbí lóṣù tó kọjá ni?" Ó wá síbẹ̀ lóòótọ́. 420 ló ní lóṣù tó kọjá, kò pé 500, wọn ò jẹ́ kó ná an.

Níbí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Iye tó kéré jù àti ọjọ́ tó ń parí kì í ṣe òfin méjì tí a lè kọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn méjèèjì pa pọ̀ ló ń sọ bóyá ènìyàn máa rí nǹkan kan gbà. Kí pọ́ìntì tó pé 500, ẹ gbọ́dọ̀ ra ọjà ₦50,000 láàárín oṣù mẹ́fà, ìyẹn bíi ₦8,400 lóṣù. Ẹni tó ń ra oúnjẹ ní Ọjà Ọba, tó kàn ń wá síbí fún ọṣẹ àti mílíìkì ₦7,000 lóṣù, 420 ni tirẹ̀ máa ń jẹ́. Gbogbo rẹ̀ ló máa jóná lọ́dọọdún. Ìkéde àtijọ́ ò jẹ́ kó mọ̀.

Àtẹ̀jíṣẹ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Ẹ ní pọ́ìntì 640. Yóò parí ní 31 Oṣù Keje, aago 8 alẹ́." Ìlà kejì: "500 ló kéré jù tí ẹ lè ná. Káàdì ìpè, gáàsì àti àpò ìrẹsì ò ní pọ́ìntì." Ìkíni ti bọ́ sí ìsàlẹ̀. Mo fẹ́ràn aago 8 yẹn, torí ìgbà yẹn ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá rò pé òun ní títí di òru yóò ti mọ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ kì í kà sí ni pé tí a bá kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì, lẹ́tà 70 ni ojú ewé kan ń gbà dípò 160, tó bá sì gùn ju ojú ewé kan lọ, 67 péré ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkíni gígùn lè gba gbogbo ojú ewé àkọ́kọ́. Ìlà àkọ́kọ́ tuntun yìí kò tó 60, nítorí náà ọjọ́ náà máa ń hàn kí ẹ tó ṣí àtẹ̀jíṣẹ́ náà rárá.

Ohun méjì ṣì kù. Wọn ò kọ ọ́ pé rìsíìtì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ṣírò. ₦1,950 máa fún yín ní 19, ₦980 máa fún yín ní 9, ìyẹn 28; tí ẹ bá sanwó méjèèjì pa pọ̀, 29 ni. Ẹni tó ń ra nǹkan díẹ̀díẹ̀ ló ń pàdánù níbẹ̀. Èkejì ló ká mi lára jù: tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ ní 31 Oṣù Keje, tí ẹ̀rọ ò lè yọ pọ́ìntì, ṣé wọ́n máa fi ọjọ́ kún un? Mo bi máníjà wọn. Ó ní wọ́n máa ń fi ọjọ́ kan kún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìyẹn náà sínú ìkéde.