Bí mo ṣe béèrè àyè lọ́wọ́ lóònù ọ́físà ní Dùgbẹ̀, àti àwọn ìwé tí mo kó lọ

Télọ̀ ni mí, Òkè-Àdó ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, aṣọ ilé-ìwé la sì máa ń rán jù. Ẹnu àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kò yé sọ pé báńkì ò ní í yá irú wa lówó, pé ẹ lọ mú èyí wá, ẹ lọ mú tọ̀hún wá ni wọ́n fi ń lé èèyàn. Mo ti wá yá owó ní ẹ̀ka báńkì kan ní Dùgbẹ̀, mo sì fẹ́ sọ bí iṣẹ́ lóònù ọ́físà wọn ṣe rí. Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ìkan tí mo yọ, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ níwájú.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wọ báńkì lọ ṣáá ni, wọn á jókòó sórí àga, wọn á ní àwọn fẹ́ rí ẹni tó ń rí sí ọ̀rọ̀ lóònù. Kì í sábà sí níbẹ̀. Iṣẹ́ lóònù ọ́físà pọ̀ níta ju inú ọ́fíìsì lọ, torí òun ló ń lọ wo ṣọ́ọ̀bù àwọn oníbàárà, òun náà ló ń lé àwọn tí kò san owó. Tó bá jàjà dé, wọn á bá a sọ̀rọ̀ lórí ìdúró, á ka ìwé tó fẹ́ lórí, wọn á padà sílé. Èmi béèrè ímeèlì ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó wà ní tábìlì oníbàárà. Ímeèlì tí orúkọ báńkì wà nídìí ẹ̀ ni mo ní mo fẹ́, kì í ṣe nọ́ńbà ara ẹni, torí àwọn tó ń gba owó fọ́ọ̀mù ẹ̀tàn pọ̀ nígboro. Ohun tí mo kọ ránṣẹ́ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo ní ilé ìránṣọ ní Òkè-Àdó, ọ̀dọ̀ yín ni mo sì ń kówó sí kí n tó lọ́kọ. Mo fẹ́ yá 2,400,000 náírà fún oṣù 12, kí n fi ra máṣíìnì iléeṣẹ́ mẹ́ta àti máṣíìnì wíìpù kan kí àwọn ilé-ìwé tó wọlé ní oṣù September. Mo fẹ́ kí ẹ fún mi ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́bọ̀, kó tó di aago mọ́kànlá. Mo máa mú NIN mi wá, orúkọ bàbá mi ló wà lórí ẹ̀. Ìwé CAC, orúkọ ọkọ mi ni mo fi gbà á. Sítétímẹ́ǹtì oṣù 12 tó ní òǹtẹ̀ báńkì. Rìsíìtì tókìn IBEDC ti oṣù tó kọjá, orúkọ lánlọ́ọ̀dù ló wà lórí ẹ̀. Ìwé àdéhùn ṣọ́ọ̀bù. Ìwé ìdíyelé láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta máṣíìnì. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù méjì. Àti fọ́tòkọ́pì káàdì iṣẹ́ onídùúró mi, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní Sẹkitéríàtì Agodi. Tí ohunkóhun bá kù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ kí n tó wá."

Ẹ wò ó pé mi ò kàn dárúkọ ìwé, mo sọ orúkọ tó wà lórí ìkọ̀ọ̀kan àti ìgbà tí wọ́n kọ ọ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ lẹ́tà yẹn wà. "NIN àti CAC" lásán kò ní jẹ́ kí ọ́físà rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí i pé orúkọ bàbá ló wà lórí ọ̀kan, orúkọ ọkọ lórí èkejì, ó ti mọ ibi tí wọ́n ti máa dá ìwé náà padà.

Ó fún mi lésì lọ́jọ́ kejì, mi ò retí ẹ̀ kíákíá bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹni tó ni BVN àti ẹni tó ni CAC yín gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹnì kan náà lójú báńkì. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó yín dání, kí ẹ sì lọ búra ní kóòtù pé orúkọ méjèèjì, ìwọ náà ni." Mo rẹ́rìn-ín sí "ìwọ náà" yẹn, ọmọ náà ti ń kánjú. Ìyágankú ni mo ti lọ ṣe ìwé ìbúra, kò sì ni mí lára. Ẹ má ṣe rò pé báńkì kàn ń wá wàhálà ni o. BVN ni wọ́n fi ń wo gbèsè tí èèyàn jẹ káàkiri, orúkọ, ọjọ́ ìbí àti fọ́tò èèyàn sì wà lára ẹ̀; tí orúkọ orí ìwé mìíràn kò bá bá a mu, ẹni tó ń yẹ ìwé wò ní olú ilé-iṣẹ́, tí kò mọ̀ yín rí, á kàn dá a padà ni.

Èkejì tó sọ ló yà mí lẹ́nu. Ó ti tẹ orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi sí ojú ewé tí CAC ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti wo iléeṣẹ́, ohun tó sì rí níbẹ̀ ni INACTIVE. Kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti pa iṣẹ́ mi rẹ́. Ẹni tó bá forúkọ iṣẹ́ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa fi ìwé ọdọọdún ránṣẹ́ sí CAC, kó sì san owó ẹ̀. Ọkùnrin tó bá mi ṣe ìforúkọsílẹ̀ gba owó ẹ̀, ó gbé ìwé fún mi, kò sì sọ pé ohun kan tún wà lẹ́yìn ìyẹn. Mo san àwọn ọdún tó ti kọjá, ó padà di ACTIVE. Ká ní ọjọ́ tí mo dé iwájú ẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni, wọn ò ní gba ìwé mi wọlé lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin náà lè wò ó fúnra yín lórí fóònù kí ẹ tó kọ lẹ́tà.

Ti tókìn kò pọ̀. Mítà onísanwó-ṣáájú kì í mú bíìlì wá lóṣooṣù, orúkọ onílé ló sì máa ń wà lórí rìsíìtì. Ó gbà á, torí àdírẹ́sì orí ẹ̀ bá ti ìwé àdéhùn ṣọ́ọ̀bù mu, kò sì tíì pé oṣù mẹ́ta.

Lọ́jọ́ tí a ríra, sítétímẹ́ǹtì ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò wa. Owó tó wọlé láàárín oṣù 12 jẹ́ 9,600,000 náírà. Mo rò pé ìyẹn ló máa wò. Ó mú bírò pupa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà sábẹ́ gbogbo owó tí ọkọ mi fi ránṣẹ́, owó àjọ tí mo kó, àti owó tí mo gbé láti àkáǹtì mi kan sí èkejì. Ó ní, "Èyí kì í ṣe ọjà, mà." Ohun tó yọ jẹ́ 1,800,000, ó ku 7,800,000, ìyẹn 650,000 lóṣù. Ó wá béèrè owó aṣọ, owó àwọn ọmọṣẹ́, owó ṣọ́ọ̀bù àti iná. Nígbà tí a yọ gbogbo ẹ̀, ohun tó ṣẹ́ kù lóṣù jẹ́ nǹkan bí 460,000. Ó ní báńkì àwọn kì í fẹ́ kí owó tí èèyàn á máa dá padà ju ìdajì ìyẹn lọ. 230,000 ni òkè rẹ̀, nígbà náà.

Ibì kan wà tí ìwé mi fẹ́ kọsẹ̀. Owó aṣọ ilé-ìwé kì í wọlé lóṣooṣù. Ó máa ń ya wọlé ní oṣù August àti September, á tún dé díẹ̀ ní January, àwọn oṣù kan á sì gbẹ. Lójú ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa, ó dà bíi pé iṣẹ́ ti dẹnu kọlẹ̀. Mo ti kó lẹ́tà tí àwọn ilé-ìwé fi gbé iṣẹ́ fún mi dání, mo sì ti fi bírò sàmì sí owó ìkọ̀ọ̀kan lórí sítétímẹ́ǹtì, kí ó lè wo lẹ́tà kó sì rí owó ẹ̀. Àwọn lẹ́tà yẹn kò sí lára ohun tí báńkì béèrè. Tí iṣẹ́ yín bá ní àsìkò, bíi ti àwọn oníṣẹ́ àríyá, tàbí àwọn tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí àgbàdo, ẹ wá ohun tó jọ ọ́ kún ẹrù yín.

Ojúlówó gbogbo ìwé ni mo gbé lọ, pẹ̀lú fọ́tòkọ́pì ìkọ̀ọ̀kan. Ó wo ojúlówó, ó lu òǹtẹ̀ sára fọ́tòkọ́pì pé òun ti rí i, ó sì dá ojúlówó padà fún mi níbẹ̀. Kí n tó kúrò nílé ni mo ti kọ "Fún lóònù nìkan" àti ọjọ́ náà gba àárín fọ́tòkọ́pì NIN. Kò bínú sí i. Wọ́n tún fún mi ní fọ́ọ̀mù GSI láti fọwọ́ sí. Ètò tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé jáde ní 2020 ni: tí mi ò bá san owó, wọ́n lè yọ ọ́ nínú àkáǹtì mi ní báńkì mìíràn, torí BVN kan náà ló so gbogbo wọn pọ̀. Ẹ kà á dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí i, pàápàá tí owó ilé-ìwé ọmọ bá wà nínú ọ̀kan nínú àwọn àkáǹtì yẹn.

Wàyí o, ìkan tí mo yọ. Mo béèrè èlé, ó ní "ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù ni, mà," bíi pé ọ̀rọ̀ parí. Kò parí. Lórí 2,000,000 fún oṣù 12, tí èlé bá dúró lórí gbogbo owó tí mo kọ́kọ́ yá, 226,667 ni màá máa san lóṣù, gbogbo ẹ̀ á sì jẹ́ 2,720,000. Tó bá jẹ́ pé orí ohun tó kù ni wọ́n ti ń ka èlé, nǹkan bí 200,900 ni lóṣù, àròpọ̀ ẹ̀ kò ju nǹkan bí 2,411,000 lọ. Ìyàtọ̀ tó lé ní 300,000 nìyẹn. Mo ní láti béèrè lẹ́ẹ̀mejì, kí n sì ní kí ó kọ ọ́ sí ímeèlì, kó tó sọ pé orí gbogbo owó ni. Ó yẹ kí ó sọ ọ́ láìjẹ́ pé mo tẹnu mọ́ ọn. Tí mo bá tún kọ lẹ́tà irú èyí, inú ẹ̀ ni màá ti béèrè.

2,000,000 ni wọ́n fọwọ́ sí, torí owó oṣooṣù 2,400,000 á di 272,000, ó sì ti kọjá 230,000 yẹn. Wọn ò sì fi owó náà sí ọwọ́ mi. Àkáǹtì ẹni tó ń ta máṣíìnì ni wọ́n san án sí tààrà, lẹ́yìn tó tún ìwé ìdíyelé kọ fún máṣíìnì méjì àti wíìpù kan. Orúkọ iléeṣẹ́ ẹ̀ ló wà lórí ìwé, àkáǹtì ara ẹ̀ ló sì kọ́kọ́ kọ sísàlẹ̀. Báńkì kọ̀ ọ́, ó di kí ó fi àkáǹtì iléeṣẹ́ rọ́pò ẹ̀ kí wọ́n tó sanwó. Ẹ wo ibẹ̀ yẹn lára ìwé ìdíyelé yín kí ẹ tó kó o lọ.