Róòlù mélòó ni pálọ̀ kan ní Bódìjà yóò gbà? Ìfiwéra bébà ògiri mẹ́ta

Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe kí wọ́n tó ra bébà ògiri ni pé kí a fi gíga ògiri ṣe ìlọ́po ìyíká yàrá, kí a sì pín in sí 5.3, nítorí pé róòlù tó wọ́pọ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 53, ó sì gùn ní mítà 10. Ẹ jẹ́ kí a fi pálọ̀ kan ní Bódìjà dán an wò: ìyíká rẹ̀ jẹ́ mítà 15.6, ògiri rẹ̀ ga ní mítà 3. Ìṣirò yẹn yóò fún wa ní róòlù 9, kò sì ní tó.

Abala ni kí a kà, ìyẹn bébà tí a gé láti òkè ògiri dé ìsàlẹ̀. Tí a bá pín 15.6 sí 0.53, a ó rí 29.4, èyí tí í ṣe abala 30. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gùn ní mítà 3.10, kí a lè rí ibi tí a ó gé lókè àti nísàlẹ̀.

Bébà àkọ́kọ́ kò ní bátànì tí a ní láti tò: 0 ni a kọ sí ara rẹ̀. Róòlù kan fún wa ní abala 3, nítorí náà 10 tó.

Èkejì ní bátànì tó ń padà wá lẹ́yìn gbogbo sẹ̀ǹtímítà 64, tí òdòdó rẹ̀ sì dọ́gba lójú kan náà ní abala gbogbo, bí télọ̀ ṣe ń to bátànì ańkárá ní ojú rírán. Bátànì 4 jẹ́ mítà 2.56, kò tó. A ó lo 5, tí í ṣe mítà 3.20. Abala 3 ṣì jáde, ṣùgbọ́n nǹkan bíi 50 sẹ̀ǹtímítà péré ló ṣẹ́ kù, tó kéré sí bátànì kan. Bí ìbẹ̀rẹ̀ róòlù kan bá bọ́ sí ibi tí kò bá bátànì wa mu, abala kan lè ṣòfò níbẹ̀. Èmi yóò ra 12.

Ẹ̀kẹta ni a kọ 64/32 sí: abala tó tẹ̀lé ara wọn ń fi ìdajì bátànì yẹ̀ sí ara wọn. Òun ló ń tan ènìyàn jẹ. Bí a bá ń gé abala tó tẹ̀lé ara wọn láti inú róòlù kan, ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ èkejì kò lè jẹ́ mítà 2.88, ìyẹn bátànì 4 àti ààbọ̀, nítorí pé ó kúrú ju 3.10 lọ, ó di 3.52, ìyẹn bátànì 5 àti ààbọ̀. Abala 3 yóò wá gba mítà 10.14, èyí tó fi sẹ̀ǹtímítà 14 ju róòlù lọ. Méjì péré ni yóò jáde, a ó sì ra 15. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń lẹ̀ ẹ́ bá ṣí róòlù méjì lẹ́ẹ̀kan náà, tó ń gé abala 1, 3 àti 5 láti inú ọ̀kan, 2, 4 àti 6 láti inú èkejì, ìwọ̀n gígé yóò padà sí mítà 3.20, ìṣirò náà yóò sì bá ti bébà kejì dọ́gba.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó fún irú ẹ̀kẹta, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí yóò lẹ̀ ẹ́ bóyá inú róòlù kan tàbí méjì ni yóò ti máa gé. Kí ẹ sì yẹ nọ́ńbà tó wà lára róòlù kọ̀ọ̀kan wò, kí gbogbo wọn jẹ́ èyí tí a tẹ̀ pa pọ̀, nítorí pé àwọ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀ bí a bá padà wá ra ẹyọ kan lẹ́yìn náà.