Dúráfùtì báńkì mi, àti ọ̀rọ̀ kan tí wọn kò tẹ̀ sí i

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà nínú orúkọ ilé-iṣẹ́ tí mo ti ra ọkọ̀ akẹ́rù. Báńkì mi tẹ méjì sórí dúráfùtì, ìwé owó tí báńkì fúnra rẹ̀ máa ń kọ fún ẹni tí a fẹ́ sanwó fún, wọ́n fi ẹ̀kẹta sílẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù. Ẹ̀dà fọ́ọ̀mù náà wà lọ́wọ́ mi, òǹtẹ̀ wọn sì wà lára rẹ̀ gbàgàdà. Nígbà tí ìwé náà dé báńkì ẹni tó ń tajà, wọ́n ní orúkọ tó wà lórí rẹ̀ kò bá orúkọ àkáǹtì mu, wọ́n dá a padà. Ọkọ̀ kò kúrò lójú kan, owó sì ti kúrò lọ́wọ́ mi. Ohun tó mú mi kọ àgbéyẹ̀wò yìí nìyẹn. Bí inú ṣe ń bí mi tó, ẹ máa rí i níwájú pé kò dúró bẹ́ẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí n kò kọ sọ̀wédowó lásán. Mo fẹ́ kọ ọ́, bàbá tó ni ọjà ló kọ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú sí mi. Tí ẹ bá kọ sọ̀wédowó, ọkọ̀ á wà níbí títí owó á fi wọlé. Tí ẹ bá fẹ́ wà á lọ lọ́jọ́ tí ẹ sanwó, dúráfùtì ni kí ẹ mú wá." N kò bá a jiyàn, nítorí òótọ́ ló sọ. Mílíọ̀nù 10 ló wà nínú àkáǹtì mi, ọkọ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù 8. Bí mo bá kọ sọ̀wédowó lásán lónìí, mílíọ̀nù 10 náà ṣì wà níbẹ̀ digbí. Bí ẹlòmíràn tí mo jẹ lówó bá gba mílíọ̀nù 3 níbẹ̀ lọ́la, mílíọ̀nù 7 ló kù, sọ̀wédowó bàbá á sì báúnsì tó bá dé. Mo tún lè kọ̀wé sí báńkì pé kí wọ́n má san án, wọ́n á sì gbọ́ tèmi, nítorí èmi ni mo kọ ìwé náà. Ìlérí èmi nìkan ni bàbá ìbá dì mú.

Sọ̀wédowó tí báńkì jẹ́rìí sí wà láàárín méjèèjì. Ìwé mi náà ni, èmi náà ni mo buwọ́ lù ú, ṣùgbọ́n mo á kọ́kọ́ gbé e lọ sí báńkì mi. Wọ́n á wò ó bóyá èmi ni mo buwọ́ lù ú lóòótọ́, wọ́n á ya mílíọ̀nù 8 sọ́tọ̀ lójú ẹsẹ̀, kó má bàa sí ẹni tó máa fọwọ́ kàn án, wọ́n á wá lu òǹtẹ̀, òṣìṣẹ́ wọn á sì buwọ́ lu ìdí òǹtẹ̀ náà. Láti ìgbà yẹn lọ, báńkì ti bá mi wọ inú ìlérí náà. Ti dúráfùtì kò rí bẹ́ẹ̀. Báńkì á gba mílíọ̀nù 8 lọ́wọ́ mi, á fi sínú àpò ara rẹ̀, á wá kọ ìwé tirẹ̀ fún bàbá. Èmi kò buwọ́ lu ohunkóhun lórí rẹ̀. Orúkọ mi kàn wà níbi kékeré kan pé èmi ni mo rà á.

Ọjọ́ tí mo lọ rà á, kí n má purọ́, iṣẹ́ wọn dán mọ́rán. Mo kọ fọ́ọ̀mù, mo buwọ́ lù ú pé kí wọ́n yọ owó àti owó iṣẹ́ wọn, àǹtí kan sì ní kí n jókòó. Kò pẹ́ rárá tó fi mú ìwé náà dé, òṣìṣẹ́ méjì ti buwọ́ lù ú. Ó ní, "Mà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò." Mo wo iye owó nínú ọ̀rọ̀ àti nínú nọ́ńbà, wọ́n bára mu. Orúkọ náà gùn, wọ́n gé e kúrú níbi tí ìlà ti tán, mo sì bi í pé ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà, ẹ̀rọ ló gé e, wọ́n máa gbà á." Ẹ rántí èsì yẹn.

Bí mo ṣe padà pẹ̀lú ìwé tí wọ́n kọ̀, ọ̀gbẹ́ni kan ló wà nídìí káńtà. Ó gbé dúráfùtì náà sókè sí iná, ó gbé e sílẹ̀, ó wo fọ́ọ̀mù mi, ó tún gbé e sókè. Lẹ́yìn náà ló ti bírò sọ́dọ̀ mi. Ó ní kí n fi ọwọ́ kọ ọ̀rọ̀ tó kù sí i, kí n sì buwọ́ lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo wo bírò, mo wo òun. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ ìwé yìí?" Ó ní báńkì ni. Mo ní, "Kí wá ni ìbuwọ́lùwé tèmi ń wá lórí ìwé báńkì?" Tó bá jẹ́ sọ̀wédowó tèmi ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ì bá nítumọ̀ díẹ̀, nítorí ẹni tó kọ ìwé ló lè tún un ṣe kó sì buwọ́ lù ú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé báńkì mìíràn kì í gba ìyẹn náà mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ra dúráfùtì bá fi bírò tún orúkọ tó wà lára rẹ̀ ṣe, ó ti ba ìwé náà jẹ́ nìyẹn. Báńkì ẹni tó máa gbà á á rò pé ayédèrú ni, ó sì tọ́ kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni yìí ṣì na bírò náà sí mi. Mo ti í padà.

Ó pe ẹnì kejì wá. Ìyẹn ní tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ọ̀nà wà: kí n kọ sọ̀wédowó mílíọ̀nù 8, kí wọ́n jẹ́rìí sí i, kí n mú un tọ bàbá lọ, kí wọ́n wá máa yanjú ti dúráfùtì lẹ́yìn. Ó dùn létí. Ó wá ṣí àkáǹtì mi lórí kọ̀ǹpútà láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Mílíọ̀nù 2 tí kò tilẹ̀ pé, nítorí owó iṣẹ́, ló kù níbẹ̀. Báńkì kì í jẹ́rìí sí owó tí kò sí. Mílíọ̀nù 8 mi ti wà nínú àpò tiwọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ ìwé náà, àwọn méjèèjì sì ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo gbé e pamọ́.

Ìyá kan jáde láti inú ọ́fíìsì ẹ̀yìn, bóyá ohùn mi ló gbọ́. Ó jókòó tì mí, kò jókòó sí òdìkejì tábìlì. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá mi. Àwa la ṣe é, àwa la máa tún un ṣe. Ìwé náà ti dé ọwọ́ ẹni tí a kọ ọ́ fún àbí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?" Ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi mí láti àárọ̀ nìyẹn, òun sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé. Ó ṣàlàyé pé ká ní dúráfùtì náà kò kúrò lọ́wọ́ mi rí, màá kàn dá a padà, wọ́n á fagi lé e, owó á sì padà sínú àkáǹtì. Ṣùgbọ́n ó ti dé ọwọ́ bàbá, báńkì sì ti jẹ bàbá lówó. Nítorí náà ni èmi tí mo rà á kò fi lè dìde lásán kí n ní kí wọ́n má san án. Wọ́n ní láti gbọ́ láti ẹnu bàbá pé kò ní ohun tó fẹ́ fi ìwé yẹn gbà lọ́wọ́ wọn mọ́.

Bàbá kọ lẹ́tà. Ó kọ nọ́ńbà dúráfùtì, iye owó àti ọjọ́ orí ìwé sí i, ó ní òun dá a padà nítorí orúkọ kò pé, òun kò sì ní béèrè ohunkóhun lórí rẹ̀ mọ́. Ìyá náà so lẹ́tà mọ́ ojúlówó dúráfùtì, ó lu òǹtẹ̀ ìfagilé sí i níṣojú mi, ó dá owó padà, ó sì ní kí wọ́n tẹ tuntun. Orúkọ náà gba ìlà méjì, ó pé. Ó wá sọ fún mi pé orí mi ló bá mi ṣe é tí ìwé náà kò sọnù. Dúráfùtì tó bá sọnù, báńkì kì í sáré tún un kọ, nítorí ẹni tó bá rí i lè gbé e dé lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti san èkejì. Wọ́n á ní kí oníbàárà buwọ́ lu ìwé pé ọrùn òun ni àdánù náà wà tí wọ́n bá sanwó lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì lè ní kó dúró ná. Ní Amẹ́ríkà, òfin lè jẹ́ kí ìdúró náà pé 90 ọjọ́ láti ọjọ́ orí ìwé.

Mo gbọ́dọ̀ yin bàbá náà. Kó tó fún mi ní kọ́kọ́rọ́, ó pe báńkì mi láti bi wọ́n bóyá àwọn ló kọ dúráfùtì tuntun náà, nọ́ńbà báyìí, iye báyìí. Kì í ṣe nọ́ńbà fóònù tó wà lára ìwé ló pè. Ó wá nọ́ńbà ẹ̀ka náà fúnra rẹ̀. Àwọn gbájúẹ̀ máa ń tẹ ayédèrú dúráfùtì tó jọ ojúlówó, wọ́n á fi nọ́ńbà tiwọn sí i, ẹnìkejì wọn á gbé fóònù, á sì dáhùn pé òótọ́ ni. Àwọn mìíràn á kọ iye tó ju owó ọjà lọ, wọ́n á ní kí ẹ fi ṣẹ́ńjì ránṣẹ́. Báńkì lè ti fi owó náà hàn nínú àkáǹtì yín kí ìwé tó kílíà, tó bá sì jẹ́ ayédèrú, wọ́n á gbà á padà lọ́wọ́ yín, ṣẹ́ńjì yín á sì ti lọ.

Ní tèmi o, sọ̀wédowó lásán ni màá máa kọ fún ẹni tó mọ̀ mí, tó lè dúró kó kílíà, àti níbi tí mo ti fẹ́ kí agbára àtidá owó dúró wà lọ́wọ́ mi. Sọ̀wédowó tí báńkì jẹ́rìí sí dára níbi tí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀ pé òun gan-an làwọn fẹ́. Ẹ kọ́kọ́ bi báńkì yín o, púpọ̀ nínú wọn ni kò ṣe é mọ́. Fún ọkọ̀, ilé àti ilẹ̀, tí ẹni tó ń tà á kò mọ̀ mí rí, dúráfùtì ni, kí ẹ sì yẹ ọjà wò tán kí ẹ tó rà á. Tí dúráfùtì bá ti kúrò lọ́wọ́ yín, tí ẹ wá rí i pé ẹ́ńjìnnì kò dára, ẹ̀yin àti ẹni tó tà á ló máa fà á, kì í ṣe ẹ̀yin àti báńkì.

Wọ́n gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ mi lórí dúráfùtì kejì, wọn kò sì dá ti àkọ́kọ́ padà. Mo ti kọ̀wé, mo ń retí èsì. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún.