Ètò tó ń wo àwòrán àti ètò tó kàn ń ka orúkọ fáìlì: èwo ni kí oníṣẹ́ fọ́tò rà?

Oníbàárà lè padà wá lẹ́yìn ọdún méjì pé òun fẹ́ fọ́tò ibi tí ìyá ìyàwó ti wé gèlè aláwọ̀ búlúù, inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò la ó sì ti wá a. Oríṣi ètò méjì ni wọ́n ń tà fún irú ìwákiri yìí. Ọ̀kan ń ka orúkọ fáìlì, èkejì ń wo ohun tó wà nínú àwòrán gan-an. Wọ́n ti ta ti àkọ́kọ́ fún mi rí pẹ̀lú ìpolówó ti èkejì. Èkejì ni mo ń lò báyìí.

Orúkọ tí kámẹ́rà ń fún fọ́tò kì í sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. IMG_0412.JPG kò ju nọ́ńbà lọ, bí nọ́ńbà náà bá sì dé 9999, ọ̀pọ̀ kámẹ́rà á tún bẹ̀rẹ̀ láti 0001, tí fọ́tò ìsìnkú àti ti ìgbéyàwó á fi máa jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ gbogbo fáìlì rẹ̀ lórúkọ nìkan ni ètò tó ń ka orúkọ wúlò fún. Everything, tó wà fún Windows, jẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀, kò sì tan ẹnikẹ́ni: orúkọ ló sọ pé òun ń wá, ó yára gan-an, ọ̀fẹ́ sì ni.

Immich, tí a lè fi sórí kọ̀ǹpútà ara wa lọ́fẹ̀ẹ́, gba ọ̀nà mìíràn. Ó ń lo CLIP, àwòṣe AI kan tí ilé-iṣẹ́ OpenAI gbé jáde ní ọdún 2021 lẹ́yìn tí wọ́n ti fi 400 mílíọ̀nù àwòrán àti ọ̀rọ̀ tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan rìn kọ́ ọ. Ó ń sọ àwòrán di ọ̀wọ́ nọ́ńbà, ó ń sọ ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ náà di ọ̀wọ́ nọ́ńbà, ó sì ń gbé àwọn àwòrán tí nọ́ńbà wọn sún mọ́ ti ọ̀rọ̀ náà jù wá síwájú. Orúkọ fáìlì kò sí nínú ìṣírò yẹn rárá.

Ibi tí owó mi ti bá a lọ ni àfihàn ọjọ́ títà. Fọ́tò tí olùtà fi dán ètò tí ó tà fún mi wò ti ní orúkọ bí iyawo_gele_bulu.jpg, nítorí náà ìdáhùn ń jáde kíákíá. Nígbà tí mo kó fọ́tò tèmi sí i, pẹ̀lú orúkọ tí kámẹ́rà fún wọn, kò rí ẹyọ kan. Nítorí èyí, ẹ má ṣe gba àfihàn tí ẹlòmíràn bá ti pèsè sílẹ̀.

Ẹ mú fọ́tò ewúrẹ́ kan àti ti ìyàwó kan, kí ẹ ṣe ẹ̀dà wọn sínú fódà tuntun tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ danwo. Ẹ pe ti ewúrẹ́ ní bride.jpg, kí ẹ sì pe ti ìyàwó ní goat.jpg. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe tún lè fara pamọ́ sínú fáìlì fúnra rẹ̀, tí ètò á máa kà á láìwo àwòrán, nítorí náà ẹ fi exiftool, ètò ọ̀fẹ́ kan tí à ń tẹ àṣẹ sí, nù ún kúrò, lára ẹ̀dà nìkan:

```
exiftool -all= -overwrite_original danwo/*.jpg
```

Lẹ́yìn náà, ẹ wá goat. Ètò tó bá gbé ìyàwó nìkan jáde, orúkọ ló kà. Èyí tó bá gbé ewúrẹ́ ṣíwájú ti wo àwòrán. Bí méjèèjì bá jáde, tí ìyàwó sì ṣíwájú, ó ṣeé ṣe kí ó máa ka orúkọ kí ó sì máa wo àwòrán pọ̀, ìyẹn kò sì burú. Ẹ tún wá ohun tí kò sí níbẹ̀, bí elephant. Ètò orúkọ kò ní mú nǹkan kan wá, ṣùgbọ́n CLIP ń to àwòrán ní bí wọ́n ṣe sún mọ́ ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ ni, ó sì lè gbé ewúrẹ́ yẹn wá gẹ́gẹ́ bí èyí tó sún mọ́ erin jù.

Ètò tó ń wo àwòrán ní ààlà tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà CLIP ń sọ àwòrán di kékeré, píksẹ́lì 224 ní ìbú àti 224 ní òró, kí ó tó wò ó, nítorí náà òrùka ọwọ́ ẹni tó dúró lẹ́yìn lè pòórá. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sára nǹkan tún lè ṣì í lọ́nà: àwọn olùwádìí OpenAI fúnra wọn lẹ bébà tí wọ́n kọ “iPod” sí mọ́ èso ápù, CLIP sì pè é ní iPod. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló gbọ́ jù, nítorí náà blue headwrap máa ń já sí rere ju gèlè lọ. Bí ẹ bá ní kó wá ọkùnrin tí kò dé fìlà, àwọn tó dé fìlà ló sábà máa ń kó wá.

Ní ti ìyára, ètò orúkọ ló borí, nítorí èkejì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo gbogbo fọ́tò yín lẹ́ẹ̀kan, èyí tó lè gba àkókò gígùn lórí kọ̀ǹpútà tí kò lágbára. Ẹni tó ní àkójọ kékeré tí ó ti sọ lórúkọ dáadáa kò nílò ju Everything lọ. Fún ẹni tí fọ́tò rẹ̀ ṣì ń jẹ́ orúkọ tí kámẹ́rà fún un, èyí tó ń wo àwòrán ni mo fọwọ́ sí, kí ó sì jẹ́ èyí tí olùtà gbà kí ẹ fi fódà danwo yín dán wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.