Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ kì í jí àfi tí mo bá tẹ Restart: ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ní Kàbà

Mo fọwọ́ sí láptọ́ọ̀pù yìí. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mo ń fi ṣe ní Kàbà: ìbéèrè ìdánwò fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́, ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìpè ìgbéyàwó fún àwọn ará Ìyàrá àti Mọ̀pà. Bátìrì rẹ̀ ṣì lágbára, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, kò sì gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Àléébù kan ṣoṣo ló ní, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí n sanwó kíbọ́ọ̀dù tuntun tí n kò nílò.

Bó ṣe ń ṣe nìyí. Bí mo bá pa á lálẹ́, tí mo tàn án láàárọ̀, Windows á dé ojú ibi tí a ti ń tẹ nọ́ńbà ìwọlé, ṣùgbọ́n kò sí lẹ́tà kankan tó máa wọlé. Ibi tí a fi ń darí atọ́ka ń ṣiṣẹ́, nítorí náà mo lè tẹ Restart. Tó bá padà dé, gbogbo kíbọ́ọ̀dù ti jí, ó sì máa ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà títí n ó fi tún pa á.

Oníṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e fún ní, "Ẹ̀gbọ́n, okùn pẹlẹbẹ inú kíbọ́ọ̀dù ni òtútù ọyẹ́ ń mú. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ rẹ̀." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ asán. Ọyẹ́ ń mú lóòótọ́, okùn tí kò wọlé ṣinṣin sì lè kọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá tutù, kó wá gbà nígbà tó bá móoru. Ẹni tó bá tẹ Restart á rò pé Restart ló wò ó sàn, nígbà tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú tó fi ń dúró ló mú ara ẹ̀rọ yá.

Àmọ́ a lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Lówùúrọ̀ tó tutù, mo tàn án, mo rí i pé kíbọ́ọ̀dù kò gbọ́, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí láìtẹ Restart. Ara rẹ̀ gbóná, kíbọ́ọ̀dù kò jí. Lówùúrọ̀ mìíràn, mo tẹ Restart lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ nígbà tó ṣì tutù, ó sì jí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ooru kò lọ́wọ́ sí i.

Ìdánwò tó ṣe pàtàkì jù ni ti BIOS, nítorí ibẹ̀ la ti ń bá kíbọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ kí Windows tó dé rárá. Ẹ pa ẹ̀rọ náà, ẹ tàn án, kí ẹ sì máa tẹ F2 léraléra (F10, Esc tàbí Delete ni ti àwọn mìíràn). Bó bá wọlé, tí àwọn bọ́tìnnì ìtọ́ka sì ń gbé yín sókè-sódò, kíbọ́ọ̀dù àti okùn rẹ̀ wà láàyè nígbà náà. Ẹ má ṣe gba inú Windows lọ sí BIOS o, nítorí ọ̀nà yẹn fúnra rẹ̀ ń tún ẹ̀rọ tàn, àìsàn tí ẹ ń wá á sì ti sá lọ kí ẹ tó débẹ̀. Tèmi wọ BIOS pẹ̀lú F2, ó gbọ́ gbogbo ohun tí mo tẹ̀. Mo jáde láìyí nǹkan kan padà, Windows dé, kíbọ́ọ̀dù tún kú. Ká ní ó kọ̀ nínú BIOS náà ni, tàbí kó jẹ́ àwọn bọ́tìnnì kan péré ló ń kọ̀, mi ò bá bá oníṣẹ́ náà lọ.

Ẹnìkan ní kí n ki kíbọ́ọ̀dù mìíràn bọ ojú USB. Ó wúlò láti fi máa báṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kò dá ẹjọ́ náà. Ọ̀nà tirẹ̀ wọ inú ẹ̀rọ yàtọ̀ sí ti kíbọ́ọ̀dù ara láptọ́ọ̀pù, díráfà rẹ̀, ìyẹn ètò tí Windows fi ń bá a sọ̀rọ̀, sì yàtọ̀, nítorí náà ó lè ṣiṣẹ́ yálà okùn ló já tàbí díráfà ló ṣìnà.

Kí ló wá yàtọ̀ láàárín kí a pa á kí a tún tàn án, àti kí a tẹ Restart? Láti ìgbà Windows 8, ní 2012, ni ohun kan ti wà tí wọ́n ń pè ní fast startup. Tí a bá tẹ Shut down, Windows á ti àwọn ètò tí a ṣí pa, ṣùgbọ́n á kó àárín gbùngbùn ara rẹ̀, àti àwọn díráfà tó wà níbẹ̀, pamọ́ sínú fáìlì kan, á sì gbé wọn padà bí wọ́n ṣe wà nígbà tí a bá tàn án. Ó dà bí ìyálọ́jà tó fi aṣọ bo àtẹ rẹ̀ lálẹ́ dípò kó palẹ̀ ọjà mọ́. Restart ní tirẹ̀ ń palẹ̀ gbogbo rẹ̀ mọ́, á sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Díráfà tí kò mọ bí a ṣe ń jí á kú láàárọ̀, á sì yè lẹ́yìn Restart.

Láti fìdí èyí múlẹ̀, ẹ tọ́jú iṣẹ́ yín kí ẹ sì ti gbogbo ohun tó ṣí, lẹ́yìn náà ẹ fi àṣẹ yìí pa ẹ̀rọ náà nínú Command Prompt. Ó ń pa á pátápátá láìfi nǹkan kan pamọ́:

```
shutdown /s /f /t 0
```

Mo pa tèmi bẹ́ẹ̀ lálẹ́. Nígbà tí mo tàn án láàárọ̀, kíbọ́ọ̀dù gbọ́ láti ojú ìwọlé. Mo tún fi Shut down lásán pa á, ó tún kú. Inú Windows ni ọ̀ràn wà, kò sí ohun tí oníṣẹ́ máa pààrọ̀.

Ó ku kí n mọ̀ bóyá díráfà ni tàbí ètò kan tí ẹni tó tà á fún mi fi sínú rẹ̀. Mo ṣí msconfig, mo lọ sí Services, mo fi àmì sí Hide all Microsoft services, mo sì mú àmì kúrò lórí èyí tó kù. Mo pa àwọn tó ń bá Windows jí nínú Task Manager náà. Mo kọ́kọ́ tẹ Restart kí wọ́n lè kúrò lóòótọ́, lẹ́yìn náà mo fi Shut down pa á; nígbà tí mo tàn án, kíbọ́ọ̀dù ṣì kú. Mo dá gbogbo wọn padà. Bó bá jí ni, ọ̀kan lára wọn ni ì bá jẹ̀bi.

Nínú Device Manager, Standard PS/2 Keyboard ni kíbọ́ọ̀dù náà ń jẹ́. Mo yọ ọ́ kúrò, mo tẹ Restart kí Windows tún un gbé, kò yọrí sí nǹkan kan. (Kí ẹ tó yọ tiyín, ẹ rí i dájú pé ẹ lè ṣí kíbọ́ọ̀dù ojú-ìran níbi ìwọlé.) Ohun tó ṣiṣẹ́ ni díráfà chipset, èyí tó wà fún ohun tó so àwọn ẹ̀yà inú ẹ̀rọ pọ̀. Ẹni tó tà á ti fi Windows tuntun sínú rẹ̀ láìfi díráfà ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kún un. Mo wo nọ́ńbà tó wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ náà, mo gba èyí tó bá a mu gan-an lójú ìkànnì wọn, mo sì fi í sí i. Láti ọjọ́ náà, Shut down lásán kò pa kíbọ́ọ̀dù lára mọ́.

Bí ẹ kò bá rí díráfà tó yẹ, ẹ mú àmì kúrò níwájú Turn on fast startup nínú Power Options. Àwọn kan máa ń sọ pé kí ẹ lo `powercfg /h off`. Ní tèmi, n kò gbà á níyànjú ní agbègbè wa níbi tí iná kì í dúró, nítorí ó ń pa Hibernate náà, bẹ́ẹ̀ Hibernate ni Windows sábà máa ń fi tọ́jú iṣẹ́ yín nígbà tí bátìrì bá fẹ́ tán. Ẹ kàn mọ̀ pé bí díráfà kò bá tíì yá, kíbọ́ọ̀dù lè tún kú lẹ́yìn Hibernate, torí ọ̀nà kan náà ni òun àti fast startup ń gbà. Ẹ tẹ Save kí ẹ tó tẹ Restart.